Ta ni kí n kọ́kọ́ kí nínú yàrá tí alága ti kéré sí olùdámọ̀ràn, tí àlejò kò sì gbọ́ Yorùbá?

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan, ìpàdé mi àkọ́kọ́ yóò sì wáyé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Alága wa jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 36, olùdámọ̀ràn wa sì jẹ́ bàbá ẹni ọdún 71. Àlejò méjì ń bọ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè mìíràn ju Faransé lọ: ọ̀gá kan tí ó tó ẹni 50 ọdún, àti ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Ògbufọ̀ yóò wà níbẹ̀, awakọ̀ tí ó gbé àwọn àlejò wá yóò jókòó lẹ́bàá ògiri, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì yòókù sì jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò ti jókòó kí n tó wọlé, nítorí èmi ni mo ń kó ìwé bọ̀ láti ọ́fíìsì kejì. Ta ni kí n kọ́kọ́ kí, kí ni kí n sì wí?

Ọmọ Àgbà

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Bàbá ni ẹ óò kọ́kọ́ kí, nítorí ipò lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lọ́la, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn bàbá ni kí ẹ kí alága, kí ẹ tó wá kan àwọn àlejò. Mo sì tún fẹ́ kí ẹ má ṣe kánjú. Ẹni tí ó kéré a máa dúró kí àgbà kọ́kọ́ kọjú sí i, nítorí náà ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi rí yín, tí wọn yóò sì kí yín káàbọ̀, kí ẹ tó lanu.

Ògbufọ̀ Ìpàdé

Ó di ọdún 19 tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní ìpàdé. Mo bẹ Ọmọ Àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú ohun mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀, nítorí ibi tí a ti dì wọ́n pọ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ lanu, ẹni tí yóò kọ́kọ́ na ọwọ́, àti ẹni tí a óò kọ́kọ́ dárúkọ: ìlànà kan náà kọ́ ni ó ń darí wọn.

Ti ẹnu ni ó rọrùn jù. Ẹni tí ó wọlé ni ó ń kí àwọn tí ó bá nílé, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wa yóò rántí hádíìsì tí Bùkhárì gbà wá lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí ó gun ẹran ni yóò kí ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ó ń rìn ni yóò kí ẹni tí ó jókòó, àwọn díẹ̀ ni yóò kí àwọn púpọ̀, ọmọdé ni yóò sì kí àgbà. Akọ̀wé wa ni ó ń rìn bọ̀, òun nìkan ni, ó sì kéré sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí a gbà wò ó tí kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò wí nǹkan kan, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò máa wò ó bí ẹni tí ó ń retí kí wọ́n dìde fún òun.

Ọwọ́ ni ìmọ̀ràn "ẹ dúró" yẹn bá mu. Ní ibi iṣẹ́, ẹni tí ipò rẹ̀ ga ni a ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ na ọwọ́; ní òde ìdílé tàbí òde ọ̀rẹ́, àgbà ni. Bí kò bá nà á, a kò fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ rárá, kò sì pọn dandan kí ó ṣàlàyé ìdí.

Ní ti orúkọ, ẹni tí ìpàdé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ dá, ìyẹn alága. Bí akọ̀wé bá fo alága kọjá lọ sọ́dọ̀ bàbá, bàbá fúnra rẹ̀ ni ara yóò kọ́kọ́ tì, nítorí gbogbo ojú ni yóò yí sí i bí ẹni tí ó gba ipò onípò.

Ìyá Àkójọ

Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá jẹ́ ìkíni orí fóònù ni akọ̀wé ń bèèrè, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi. Ènìyàn 43 ni ó wà lórí ojú-òpó ẹgbẹ́ wa. Mo kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin bàbá mi," àwọn obìnrin sì bi mí bóyá n kò rí àwọn. Mo wá tún un kọ ní ọjọ́ kejì pé "ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi," mo sì rò pé mo ti ká gbogbo wọn mọ́. Èyí tí ó tẹ̀lé e burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan pè mí lórí fóònù pé irú ọjọ́ orí wo ni mo rò pé òun wà tí mo fi kà òun mọ́ àwọn ìyá, ọkùnrin kan tí ó jù mí lọ ní ọdún méjì péré sì bínú pé n kò mọ òun ní ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé" ni mo ń kọ, kò sì sí ẹni tí ó tún pè mí.

Ògbufọ̀ Ìpàdé

Ìyá wa, ìpàdé ojúkojú ni akọ̀wé ń bèèrè, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ wúlò fún un ju bí ẹ ti rò lọ. Nígbà tí ẹ kí gbogbo ilé lápapọ̀, ẹnikẹ́ni kò nílò láti mọ ibi tí ẹ to òun sí. Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn sí ọ̀wọ́ ni olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpapọ̀ ni kí akọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀, kí ó sì kà á sí ìkíni gidi tí ó ti kan ẹni gbogbo.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Mo ka ìbéèrè yìí, mo sì rí i pé èmi ni ẹni tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri. Ọdún pípẹ́ ni mo fi ń gbé àwọn ọ̀gá lọ sí ìpàdé, a sì máa ń ní kí n wọlé jókòó nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń rí láti ibi tí mo wà. Ẹni tí ó bá wọlé á kí gbogbo ilé, èmi náà á sì dáhùn. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ yí tábìlì ká, láti orí àga kan bọ́ sí èkejì, títí tí yóò fi kan àga tí ó sún mọ́ mi jù, á sì yí padà níbẹ̀. Ìkíni àpapọ̀ tí mo ti dáhùn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí kò kàn mí, nítorí ọwọ́ ti fi hàn pé tábìlì nìkan ni ó ń kí.

Kì í ṣe ọwọ́ ni mo ń wá. Ẹni tí kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò ṣẹ̀ mí rárá. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró síbi tí tábìlì parí sí. Bí ọ̀nà kò bá sì gbà yín láti dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ wò mí lójú, kí ẹ ní "ẹ kú ọ̀nà o." Ó tán.

Olùkọ́ Èdè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Awakọ̀, nítorí "ẹ kú ọ̀nà" tí wọ́n mẹ́nu bà ni ó ràn mí lọ́wọ́ láti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èdè wa fún akọ̀wé ní ohun èlò méjì tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ èdè. Èkíní ni pé "ẹ" tí a fi ń bá ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ náà ni a fi ń bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tí ó ní "ẹ káàárọ̀" ti bọ̀wọ̀ fún bàbá láìjẹ́ pé ó yà á sọ́tọ̀. Èkejì ni pé "ẹ kú" wa máa ń kí ohun tí ènìyàn ń ṣe, dípò kí ó kí irú ẹni tí ó jẹ́. "Ẹ kú ìjókòó" kan alága, ó kan bàbá, ó kan awakọ̀, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n jókòó, kò sì béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí ń sọ Swàhílì kò rí i bẹ́ẹ̀. "Ṣikamóò" ni wọ́n ń kí àgbà, tí àgbà yóò sì dáhùn pé "maràhábà," ṣùgbọ́n a kì í fi ṣikamóò kí ọmọdé. Ẹni tí ó bá wọ yàrá tí tọmọdé tàgbà jókòó sí ní láti fi èyí kí àwọn àgbà, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn bíi "hamjámbo" fún àwọn yòókù, ìyẹn ni pé èdè náà fúnra rẹ̀ ni ó ń pín wọn sí ọ̀wọ́. Àwọn ará Jámánì náà ní ìṣòro tiwọn. Bí "o" àti "ẹ" wa, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tí a bá mọra, ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Bí irú àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á lo ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ ti àwọn tí a bá mọra fún gbogbo wọn, ẹlòmíràn á sì fara mọ́ ti ọ̀wọ̀. Kò sí èyí tí ó bá yàrá náà mu tán.

Faransé ni ó sún mọ́ wa jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Fú" wọn ń ṣiṣẹ́ méjì bí "ẹ" wa, nítorí náà bí ìkíni akọ̀wé bá kọjá sí Faransé, ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ kò ní sọnù lójú ọ̀nà. Kí ó kàn ṣọ́ra fún "sàlú," tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́ láti inú fíìmù. Ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹni 50 ọdún tí wọn kò tíì pàdé rí ti pè é ní ẹgbẹ́ rẹ̀. "Bọ̀ǹjúù" kò léwu.

Ọmọ Àgbà

Mo gbà pé mo da ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́, ẹ ṣeun. Lórí alága, ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ó dára, kí wọ́n dárúkọ alága ṣáájú nínú yàrá. Nígbà náà, kí akọ̀wé tètè dé, kí ó kí bàbá ní kọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí bàbá má baà jẹ́ ẹni kejì sí ẹni tí ó lè bí.

Ògbufọ̀ Ìpàdé

Ìkíni kọ̀rọ̀ yẹn dára bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé. Bí akọ̀wé bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú yàrá lọ kí bàbá nìkan, tí ó sì tún jáde lọ kó ìwé, àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ yóò ti rí i. Èmi kò ní ṣe é, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n to ọjọ́ náà fún akọ̀wé bí èmi ì bá ti ṣe é. Kí ó wọlé, kí ó dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà, kí ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ṣófo bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí i. Kí ó fi ojú ká gbogbo yàrá, títí kan ẹ̀bá ògiri, kí ó sì wí pé: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìjókòó." Kí ó dákẹ́ níbẹ̀. Ìdákẹ́ náà ni ó ṣòro jù fún àwọn ẹni tuntun, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ ni ògbufọ̀ yóò ti sọ tirẹ̀ fún àwọn àlejò. Kí ó má ṣe yà á lẹ́nu pé "bọ̀ǹjúù" ògbufọ̀ kúrú ju ti òun lọ; kò sí ọ̀rọ̀ Faransé tí a fi ń kí ènìyàn nítorí pé ó jókòó, ògbufọ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣẹ̀dá ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti dáhùn, kí ó kọjú sí alága, kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí alága bá na ọwọ́, kí ó gbà á, kí ó wá máa bá àga lọ ní títò, láti ẹ̀gbẹ́ alága títí dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Nínú títò àga, bàbá yóò gba ìkíni tirẹ̀ ní ibi tí ó jókòó sí, ara tí akọ̀wé bá sì tẹ̀ ba fún bàbá ju ti ẹlòmíràn lọ kò ṣẹ alága. Bí alága kò bá na ọwọ́, kí akọ̀wé lọ jókòó. Ìkíni ti parí.

Nígbà tí ó bá ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, àwọn ni kí ó máa wò, kì í ṣe ògbufọ̀. Kí ó má ṣe ní "ẹ sọ fún wọn pé mo kí wọn." Kí ó ní "ẹ káàbọ̀," bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Yorùbá, nítorí "èmi" ni àwa ògbufọ̀ máa ń wí nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kí ó sì fún ògbufọ̀ ní orúkọ àti ipò ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ṣáájú. Mo ti pe igbákejì ní ọ̀gá rí nítorí pé a kò fún mi ní ìwé, ojú ọ̀gá gidi sì yí padà kí n tó parí gbólóhùn.

Akọ̀wé Tuntun

Mo ti dé láti ìpàdé. Mo kí gbogbo ilé, mo dákẹ́, wọ́n dáhùn. Alága na ọwọ́. Ibẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ti ṣẹlẹ̀: ọ̀dọ́bìnrin tí ó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá dìde, ó sì na ọwọ́ sí mi ṣáájú ọ̀gá náà, ṣáájú bàbá pẹ̀lú. Mo ṣiyèméjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì gbà á.

Àṣìṣe tèmi wá lẹ́yìn ìyẹn. Mo kí ọ̀gá àlejò, ó dáhùn ní Faransé, mo sì rò pé ó ti parí, mo yíjú sí bàbá. Kò tíì parí. Ògbufọ̀ ṣì ń sọ ìdáhùn rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, pé ó dúpẹ́ fún lẹ́tà tí mo kọ, nígbà tí mo ti kọ ẹ̀yìn sí i. Mo rí i lójú alága pé ó dùn ún.

Ohun mìíràn tún wà. Bàbá ń pe alága ní "ẹ" jálẹ̀ ìpàdé. Nígbà tí a jáde, mo gbọ́ tí wọ́n ní "o ṣeun, ọmọ mi" fún un, inú alága sì dùn sí méjèèjì. Ṣé èmi náà lè dínkù ọ̀wọ̀ bí a bá jáde?

Ògbufọ̀ Ìpàdé

Ọwọ́ tí ẹ gbà yẹn tọ́. Bí ẹnìkan bá ti na ọwọ́, títò ti parí fún ìṣẹ́jú náà. Ọwọ́ tí a fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ burú ju ọwọ́ tí kò tò lọ. Ní ti ọ̀gá àlejò, ẹ fi í sọ́kàn pé ìkíni tí ó gba ọwọ́ ògbufọ̀ kọjá ń gba ìlọ́po méjì àkókò. Ẹnu àlejò lè ti pa dé kí ìdáhùn rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa wo ẹnu ògbufọ̀ kí ẹ tó yíjú. Bí ẹ bá tún rí ọ̀gá náà, ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀ lórí lẹ́tà.

Olùkọ́ Èdè

Àgbà ni ó lè sọ "ẹ" di "o," kì í ṣe ẹni tí ó kéré. Àwọn ará Jámánì ní ìlànà kan náà lórí ọ̀rọ̀ wọn méjèèjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ní òde ọ̀rẹ́, àgbà ni ó ń sọ pé kí a máa lo ti ìmọra, ní ibi iṣẹ́, ẹni tí ipò rẹ̀ ga ni, bí ó tilẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Bàbá ju alága lọ lọ́jọ́ orí, alága sì ga jù ú lọ ní ipò, ni bàbá fi lo ọ̀kan nínú yàrá tí wọ́n sì lo èkejì níta. Ẹ̀yin kéré sí alága ní ibi méjèèjì. "Ẹ" ni.

Ọmọ Àgbà

Akọ̀wé kò sọ bóyá wọ́n kéré sí alága lọ́jọ́ orí o. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́ ńkọ́?

Akọ̀wé Tuntun

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jù wọ́n lọ.

Olùkọ́ Èdè

Mo yára sọ̀rọ̀, ẹ má bínú. Ẹ ṣì máa wí "ẹ" nínú yàrá. Níta, ẹ jẹ́ kí alága ni ó kọ́kọ́ wí "o," kí ẹ sì wo bí ó ti wí i.

Ọmọ Àgbà

Oṣù mẹ́ta, àgbà ni. Èmi kò ní dúró dè é.